Àwòrán mi ti dà? Ẹ̀yin ọmọ Òròkí lókè òkun, ẹ gbà mí!

Ìyá Ìbejì (Líìdì): Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Ọ̀ṣogbo ni mo wà, mo wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lÓkè-Fíà ni mo jókòó sí, fóònù ni mo fi ń kọ èyí. Mo san owó fọ́ọ̀mù ọmọ mi tán, nọ́ńbà gígùn kan jáde lójú kọ̀ǹpútà. Mo tẹ PrtSc kí n fi ya àwòrán rẹ̀, mo pa ojú-ìwé náà dé, mo lọ kọ́pì àdírẹ́sì obìnrin tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Mo wá tẹ Ctrl+V kí n lẹ àwòrán náà, àdírẹ́sì ló jáde. Mo tún un tẹ̀, àdírẹ́sì náà ni. Àwòrán mi dà? Aago márùn-ún ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn!

Ọmọ Ìgbóná (Dọ́bílìnì): Àǹtí, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Sìsí Hiúsítìn: Ẹ má dá a lóhùn, ojo ni. Ẹ lọ sínú Pictures, ẹ ṣí Screenshots, ẹ ó bá a níbẹ̀. Èmi kì í tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́bì kankan, gbogbo tèmi ló wà níbẹ̀ rẹrẹẹrẹ.

Ìyá Ìbejì (Líìdì): Mo ti débẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni ni mo bá.

Bàbá Torońtò: Ọmọ mi, kò le rárá. Di bọ́tìnnì tí a fi ń pa fóònù mú pẹ̀lú èyí tí ń dín ohùn kù, tẹ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Ìgbóná (Dọ́bílìnì): Bàbá, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń sọ, sà.

Bàbá Torońtò: Mo mọ̀. Mo ní bóyá yóò wúlò ni.

Bọ̀dá Mánṣẹ́sítà: Sìsí, tìrẹ jẹ́ òótọ́ lórí Windows 11 tó wà nílé rẹ, nítorí Snipping Tool tuntun tó ń ya àwòrán níbẹ̀ máa ń fi ẹ̀dà kan pamọ́ fúnra rẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ yẹn, mo fẹ́ fi ọrùn mi ṣọ̀fà pé Windows 10 ni. PrtSc lásán níbẹ̀ kì í fi nǹkan kan sínú fáìlì. Ó kàn gbé àwòrán sọ́wọ́ kílíípúbọ́ọ̀dù ni, ọmọ tó sì gbé igbá kan ṣoṣo rìn ni kílíípúbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá ti bu nǹkan míì sínú igbá náà, ó ti da ti àkọ́kọ́ nù. Àdírẹ́sì tí Ìyá Ìbejì kọ́pì ló da àwòrán nù.

Bí a bá fẹ́ kó di fáìlì lójú ẹsẹ̀, bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú PrtSc ni. Ojú kọ̀ǹpútà á ṣú díẹ̀, á tún mọ́. Bí kò bá ṣú, ẹ má fọkàn balẹ̀.

Sìsí Hiúsítìn: Ó dáa. Kí wọ́n tẹ Windows+V nígbà náà. Gbogbo ohun tí èèyàn ti kọ́pì ló ń tò síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Líìdì): Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n tẹ Turn on. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, òfìfo ni.

Bọ̀dá Mánṣẹ́sítà: Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì tan án rí lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Kì í ránti ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó tan án. Láti ìsinsìnyí lọ, á máa gba nǹkan mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà kú, ohun tí ẹ bá fi Pin dè mọ́lẹ̀ nìkan ló máa kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo gba ilé kan nílùú yìí, ẹni tó fún mi nílé ṣèlérí nínú ìjíròrò orí ẹ̀rọ pé òun á dá owó ìdógò mi padà, irínwó pọ́n-ùn. Mo tẹ PrtSc. Mo ní kí n kọ́kọ́ kọ́pì nọ́ńbà àkáǹtì mi fún un, kí n tó lẹ àwòrán náà mọ́ Word. Ó pa ìjíròrò dé. Mo ṣí Word, mo tẹ Ctrl+V, nọ́ńbà àkáǹtì èmi fúnra mi ló ń wò mí. Bí irínwó pọ́n-ùn mi ṣe wọgbó lọ́sàn-án gangan nìyẹn.

Ọmọ Ìgbóná (Dọ́bílìnì): Èmi ò gbà pé kíkọ́pì ni àṣìṣe Àǹtí. Pípa ojú-ìwé dé ni. Ká ní ó ṣì wà ní ṣíṣí, wọn ìbá tún un yà.

Bọ̀dá Mánṣẹ́sítà: Ká ní ó ti lẹ̀ ẹ́ kó tó pa á dé ńkọ́? Paint wà lórí gbogbo wọn: ṣí i, Ctrl+V, Ctrl+S, ó ti di fáìlì. Má lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ Notepad o, Notepad kì í gba àwòrán, kò sì ní sọ fún ọ. Wọ́n á kàn máa wo ojú-ìwé funfun.

Ọmọ Ìgbóná (Dọ́bílìnì): Wásáàpù orí kọ̀ǹpútà ni tèmi. Mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìjíròrò tí mo ń bá ara mi ṣe.

Sìsí Hiúsítìn: Ìwọ tí o lẹ̀ ẹ́ níjọ́sí, tí o gbàgbé láti tẹ bọ́tìnnì tó ń fi ránṣẹ́? Àwòrán dúró lójú, o rò pé ó ti lọ. Iná lọ ní Dọ́bílìnì!

Ọmọ Ìgbóná (Dọ́bílìnì): Iná kì í lọ níbí. Bátìrì láàpútọ́ọ̀pù ló kú. Hiúsítìn ni iná ti ń lọ bí ìjì bá jà.

Bọ̀dá Mánṣẹ́sítà: Ìyá Ìbejì, Ctrl+Shift+T lè ṣí ojú-ìwé tí ẹ pa dé. Bí ó bá ní kí ẹ tún owó san, ẹ má san án o! Ẹ wo ímeèlì yín, àwọn tó gba owó sábà máa ń fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́. Kí ẹ tó dìde níbẹ̀, níwọ̀n bí ẹ ti tan Windows+V báyìí, ẹ tẹ Clear all. Oníbàárà tó kàn kò gbọdọ̀ bá nǹkan yín níbẹ̀.

Ọmọ Ìgbóná (Dọ́bílìnì): Kí wọ́n sáà kọ́pì lẹ́tà kan, ó ti bo ìyókù mọ́lẹ̀.

Bọ̀dá Mánṣẹ́sítà: Nígbà tí kò tíì tan án, bẹ́ẹ̀ ni. Báyìí tí ó ti tan án, lẹ́tà rẹ á kàn jókòó lé wọn lórí.

Ìyá Ìbejì (Líìdì): Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ń pariwo pé epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ tán. Ẹ dúró ná.

Bàbá Torońtò: Òkè-Fíà! Ṣé wọ́n ṣì ń ta ẹ̀kọ gbígbóná níbẹ̀ lówùúrọ̀?

Sìsí Hiúsítìn: Bàbá, ẹ̀kọ Ọjà-Ọba ni ẹ sọ. Èyí tí mo ń rà níbí, inú fìríìsà ló ti ń bọ̀. Bí mo bá sì rí ẹni tó wọ àdìrẹ, mo máa ń sún mọ́ ọn bóyá màá gbóòórùn aró.

Àna Ọ̀ṣogbo (Lọ́ńdọ̀nù): Ẹ̀yin ọmọ aláró ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọkọ ló gbé mi dé àárín yín. Kò sí ohun tí ẹ ní tí kò sí nÍléṣà.

Bàbá Torońtò: Rélùwéè ńkọ́? 1907 ló ti dé Ọ̀ṣogbo. Ìyàwó wa, sọ fún wa, ìgbà wo ló dé Iléṣà?

Ọmọ Ìgbóná (Dọ́bílìnì): 😂😂 Bàbá ti kó wọn níta.

Àna Ọ̀ṣogbo (Lọ́ńdọ̀nù): 1901 ló ti dé Ìbàdàn, ẹ lọ bá wọn ṣe fújà yẹn.

Bàbá Torońtò: Ìbàdàn kọ́ ni a ń sọ. Mo ń ránti fèrè rẹ̀ lálẹ́, ìyá mi á ní kí a sùn.

Ìyá Ìbejì (Líìdì): *[fọ́tò: àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹran mẹ́rin]*

Bọ̀dá Mánṣẹ́sítà: Ìyá Ìbejì! Ṣé ẹ ti rí nọ́ńbà náà?

Sìsí Hiúsítìn: Ẹran mẹ́rin?!

Ìyá Ìbejì (Líìdì): Iná lọ, mo jáde. Wọ́n ní ímeèlì máa ń pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná.