Wọ́n fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ padà, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́?

Tósìn: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn ilé ìwòsàn la máa ń fọ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe súpáfáísọ̀ lórí èèyàn mọ́kànlá. Aago 9 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ la ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ti wá ní láti Mọ́ńdè ọjọ́ 5 oṣù Òkìtóbà ó máa di aago 6:30 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán, torí mọ́tò tó ń wá kó aṣọ mímọ́ ti yí àkókò ẹ̀ padà, èmi ni wọ́n sì ní kí n lọ sọ fún wọn. Ohun tí mo kọ rèé:

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun fún iṣẹ́ takuntakun yín. Nítorí bí nǹkan ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́, a máa ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí wákàtí iṣẹ́ wa láìpẹ́. Iye wákàtí yín ò yí padà, owó yín náà ò yí padà. A mọ̀ pé ẹ máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa."

Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Mi ò fẹ́ kó le jù létí wọn.

Wálé: Tósìn o kú iṣẹ́, ó dáa, ó tutù lẹ́nu. Èmi máa fi ìdí ẹ̀ síwájú kí ọkàn wọn ti rọ̀ kó tó kan ọ̀rọ̀ aago. Kó wà ní kíkọ o, má fẹnu sọ ọ́ nìkan, torí tóo bá fẹnu sọ ọ́ fún èèyàn mọ́kànlá, ọ̀nà mọ́kànlá ni wọ́n máa gbà sọ ọ́ padà. Jù ú sínú grúùpù Wátsáàpù ní Fráídè tẹ́ ẹ bá ti ń ṣíwọ́, kí wọ́n lè fi wíkẹ́ẹ̀ǹdì gbé e mì.

Ìyá Ẹ̀bùn: Má gbà o Tósìn! Wọn ò lè kàn jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní kóo máa wá ní aago 6:30. Wọ́n ṣe é fún èmi náà níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ẹnì kejì mi ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé ṣé mo ti gbọ́ pé wọ́n ti gbé mi sí ṣíìfù àárọ̀. Èmi tí ọ̀rọ̀ kàn, lẹ́nu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́. Kọ lẹ́tà sí wọn kíá.

Tósìn: Ìyá Ẹ̀bùn ẹ ṣeun mà, àmọ́ èmi kọ́ ni wọ́n ń yí tiẹ̀ padà, èmi ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó wà lábẹ́ mi.

Ìyá Ẹ̀bùn: Áà, mo ti sáré kà á. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ yẹn ṣì kàn ẹ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Àǹtí Bọ́lá: Tósìn àbúrò mi, ó pẹ́ tí mo ti ń ṣètò ṣíìfù fáwọn èèyàn, jẹ́ n kọ́kọ́ bi ẹ́ ní nǹkan méjì kóo tó fi nǹkan kan ránṣẹ́. Àkọ́kọ́, kí ni ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn sọ? Tó bá jẹ́ aago 9 sí aago 5 ni wọ́n kọ síbẹ̀ ní pàtó, ní ọ̀pọ̀ ibi ìkéde nìkan ò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí ọ̀gá ẹ bèèrè bí òfin ibẹ̀ ṣe wí. Èkejì, bíréèkì ńkọ́? Mo rí i pé láti 9 sí 5, wákàtí 8 ni. Láti 6:30 sí 3, wákàtí 8 àtààbọ̀ ni. Níbo ni ààbọ̀ yẹn wọlé sí?

Tósìn: Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé iléeṣẹ́ lè yí àkókò padà tí wọ́n bá ti sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Bíréèkì, ìṣẹ́jú 30 ni tẹ́lẹ̀, ó máa di wákàtí kan, torí wọ́n máa pa àwọn ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ lọ́sàn-án kí wọ́n lè tún inú wọn ṣe. Wọn kì í sanwó bíréèkì. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ pé iye wákàtí ò yí padà nìyẹn, wákàtí 7 àtààbọ̀ ni tẹ́lẹ̀, òun náà ni báyìí.

Àǹtí Bọ́lá: Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé wákàtí tí wọ́n ń sanwó fún ò yí padà, 7 àtààbọ̀ lójúmọ́, 37 àtààbọ̀ lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí tí èèyàn máa lò ní iléeṣẹ́ ti fi ìdajì wákàtí gùn sí i lójúmọ́, ìyẹn wákàtí 2 àtààbọ̀ lọ́sẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní sanwó ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá kà á pé "iye wákàtí yín ò yí padà" máa fi ìka ṣírò ẹ̀ kó tó délé, ló bá di pé o purọ́ fún wọn, bẹ́ẹ̀ ìwọ ò ní in lọ́kàn. Látìgbà yẹn, kò sóhun tóo máa sọ tí wọn ò ní kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Fẹnu ara ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó rí i.

Bùọ̀dá Wálé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, òótọ́ lẹ sọ pé kó wà ní kíkọ, àmọ́ Fráídè yẹn ò dáa. Ẹni tó bá ní ìbéèrè ò ní rẹ́ni bi títí di Mọ́ńdè, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á máa dá ara wọn lóhùn nínú grúùpù, tó bá fi máa di Sọ́ńdè ohun tí o ò sọ ti di ohun tóo sọ. Túsìdè tàbí Wẹ́sìdè lèmi máa ń lò, láàárọ̀, nígbà tí gbogbo wọn wà níbẹ̀. Fẹnu sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pín ìwé ẹ̀ lọ́wọ́ kan náà, kóo sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó wà ní lííìfù tàbí tára ẹ̀ ò yá, pè é lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ti pé kí ìdí ṣáájú, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí èèyàn bá ti gbọ́ pé "àtúnṣe wà lórí wákàtí iṣẹ́", ọkàn ẹ̀ ti lọ sílé, ó ń ro ta ló máa mú ọmọ lọ sílé ìwé. Kò gbọ́ ìdí kankan mọ́. Sọ aago àti ọjọ́ fún un lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà yẹn letí ẹ̀ á tó là sí ìyókù.

Wálé: Ó yé mi. Mo ṣì rò pé gbólóhùn kan tó tutù níwájú ò lè pa wọ́n lára ṣá.

Àǹtí Bọ́lá: Gbólóhùn kan ò burú sà. "Iṣẹ́ takuntakun" yẹn ni mo ní kó yọ, torí ẹni tí wọ́n yìn tí wọ́n sì gba àkókò ẹ̀ lọ́wọ́ kan náà máa ń rò pé ọgbọ́n ni wọ́n ń fi òun ṣe.

Tósìn, bí èmi ṣe máa kọ ọ́ rèé, kóo tún un ṣe bó ṣe bá yín mu:

"Láti Mọ́ńdè ọjọ́ 5 oṣù Òkìtóbà, iṣẹ́ á máa bẹ̀rẹ̀ ní 06:30, á sì máa parí ní 15:00, láti Mọ́ńdè sí Fráídè. Ó kan gbogbo àwa tá a wà ní yàrá ìfọṣọ. Títí di Fráídè ọjọ́ 2 oṣù Òkìtóbà, 09:00 sí 17:00 la ṣì ń ṣe.

Ìdí ẹ̀ ni pé mọ́tò tó ń kó aṣọ mímọ́ ti yí àkókò ẹ̀ sí ọ̀sán, tá a bá ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 9, aṣọ ò ní tíì gbẹ nígbà tó bá dé.

Bíréèkì á kúrò ní ìṣẹ́jú 30, á di wákàtí kan, torí a máa pa ẹ̀rọ láti tún un ṣe. A kì í sanwó bíréèkì. Nítorí náà owó yín àti wákàtí tá à ń san ò yí padà, ṣùgbọ́n ẹ máa wà níbí fún ìdajì wákàtí sí i lójoojúmọ́.

A ti pinnu àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Ohun tá ò tíì pinnu ni bá a ṣe máa ṣe fún ẹni tí kò lè débí ní 06:30 nítorí ọmọ, nítorí ìlera, tàbí nítorí pé kò sí ọkọ̀ ní àkókò yẹn. Tó bá kàn yín, ẹ wá bá mi kó tó di Fráídè ọjọ́ 11 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Màá fún yín lésì ní Fráídè ọjọ́ 18."

Kọ orúkọ oṣù jáde o, torí bí ibì kan ṣe ń ka 5/10 sí oṣù kẹwàá ni ibòmíì ń kà á sí oṣù karùn-ún, ẹ sì ti jùmọ̀ wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Aago náà, fi 15:00 kọ ọ́, kẹ́nì kan má baà rò pé 3 òru ni.

Tósìn: Àǹtí mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Inú mi ò dùn sí ibi ìdajì wákàtí yẹn o, mi ò tiẹ̀ rí i. Ẹnì kan wà láàárín wọn tó ń ṣe iṣẹ́ òru níbòmíì, aago 6 ló ń ṣíwọ́ níbẹ̀. Ṣé kí n fi "iṣẹ́ kejì" kún àwọn ohun tí wọ́n lè tìtorí ẹ̀ wá bá mi?

Ṣẹ́gun: Èmi ò ní fi kún un. Èmi ò tiẹ̀ ní gba ẹnikẹ́ni láyè. Tóo bá ti yọ ẹnì kan sílẹ̀, àwọn mẹ́wàá tó kù á ní ojúsàájú ni. Kí gbogbo wọn wá ní 6:30, ìyẹn ni ìdọ́gba.

Ìyá Ẹ̀bùn: Ṣẹ́gun, ìyẹn kọ́ ni ìdọ́gba. Ẹni tí ilé ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́ àti ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì méjì, ẹ ní ohun kan náà ni wọ́n ń san?

Àǹtí Bọ́lá: Ohun tó ń fa ìbínú, bí mo ṣe rí i, ni kí wọ́n yọ ẹnì kan sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó mọ ìdí. Tí ìdí téèyàn lè tìtorí ẹ̀ wá bá wà nínú ìwé kan náà tí gbogbo wọn gbà, ẹni tí kò rí i gbà á mọ̀ pé wọ́n wo tòun náà. Ṣùgbọ́n ti iṣẹ́ kejì yẹn, mi ò lè sọ fún ẹ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ọ̀gá míì á ní iṣẹ́ ẹlòmíì ò kan àwọn. Bi ọ̀gá ẹ kóo tó kọ ọ́, torí tóo bá kọ ọ́ tó sì ní rárá, ìwọ lo ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹ. Bi í náà bóyá wọ́n lè san ìdajì bíréèkì yẹn.

Nǹkan kan tún wà. Tóo bá sọ̀rọ̀ tán, má bi wọ́n pé "ṣé ó yé yín", gbogbo wọn ló máa ní ó yé àwọn. Ní kẹ́nì kan sọ fún ẹ bí Mọ́ńdè ọjọ́ 5 yẹn ṣe máa rí fún un, ìgbà tó máa jáde nílé, ìgbà tó máa jẹun, ìgbà tó máa délé. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni ìwé ẹ ò ti là.

Wálé: Ìyẹn dáa, èmi náà á lò ó. Tósìn, tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ṣé ó lè tún yí padà lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?

Tósìn: Bùọ̀dá mi, mi ò mọ̀ o. Màá ní mi ò mọ̀, màá sì bi ọ̀gá. Mo ti fẹ́ lọ bá a lọ́la lórí bíréèkì àti ti iṣẹ́ òru yẹn, Túsìdè ni mo fi ìpàdé sí. Àǹtí Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá kọ̀ pé òun ò ní san ìdajì wákàtí yẹn, ṣé kí n sọ fún wọn pé mo bèèrè?

Àǹtí Bọ́lá: Má sọ ọ́ ní ìpàdé, á dà bíi pé ò ń ti ẹ̀bi sí i lọ́rùn. Tẹ́nì kan bá bi ẹ́ ní tààrà, sọ òótọ́ fún un.

Ìyá Ẹ̀bùn: Èmi ò fara mọ́ ìyẹn o. Kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún wọn.