Ọ̀la ni Falẹntáìnì, ọkọ mi kì í fẹ́ ariwo: kí ni kí n kọ sí i?

Ìyá Táyọ̀ (Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejì 2025, aago 8:40 alẹ́)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀la ni Falẹntáìnì. Ọkọ mi kì í fẹ́ ariwo rárá. Mo fẹ́ kọ nǹkan kan sí i tí kò ní tì í lójú. Kí ni kí n kọ? Kíákíá, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Agége
Ẹ̀rù ń bà yín lásán ni, mà. Kò sí ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí wọ́n gbé òun ga. Ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ sí sítétọ́ọ̀sì, ẹ kọ "Olówó orí mi" sí i lábẹ́. Bó bá ti rí i pé àwọn èèyàn ń kí òun, inú rẹ̀ á dùn.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá
Ìyá Táyọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo dá owó jọ, mo gba onífèrè kan, mo ní kí wọ́n fi igba náírà ọgọ́rùn-ún ṣe òdòdó owó. Aago mọ́kànlá la wọ ọ́fíìsì ọkọ mi. Onífèrè ń fọn ún bọ̀ láti ẹnu géètì, gbogbo èèyàn ti yọ fóònù. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó gba òdòdó náà, ó ní ẹ ṣeun. Èmi rò pé ayọ̀ ni. N ò kíyè sí i pé ó gbé òdòdó náà sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, kò sì wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló wọlé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń jẹun tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ò ju pé, "O ò bi mí." Fídíò yẹn ti wà lórí Fesibúùkù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Títí tó fi kúrò níbi iṣẹ́ yẹn ni ọ̀gá rẹ̀ ń fi fèrè ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Mo ṣì ń tọrọ àforíjì títí dòní.

Fúnmi Ekìtì
Ha, Àbẹ̀kẹ́, pẹ̀lẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Owó òdòdó yẹn ńkọ́, ṣé ó ná an?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá
Ó wà nínú àpò nínú yàrá títí di oṣù karùn-ún. Èmi ni mo tú u. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni pín-ìn-nì ti lu.

Agbẹjọ́rò Dùgbẹ̀
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ sí ti pín-ìn-nì yẹn, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń pe oníṣòwò òdòdó lálẹ́ yìí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, dárúkọ lílu owó àti fífi pín-ìn-nì gún un. Ìtanràn rẹ̀ kò lè dín ní 50,000 náírà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò sì lè dín ní oṣù mẹ́fà, wọ́n sì lè fi méjèèjì dá ẹni náà lẹ́jọ́.

Ọmọ Agége
Ta ni wọ́n ti mú torí òdòdó ìyàwó? Ẹ jẹ́ káwọn èèyàn ṣe ìfẹ́ wọn.

Agbẹjọ́rò Dùgbẹ̀
Ohun tó wà nínú òfin ni mo sọ. Bí ẹ bá fẹ́ fún un lówó, ẹ fi sínú àpòòwé.

Bísí Kéèkì
Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ẹni tó ń ṣe kéèkì tó dáa ní Bódìjà tó lè gbé e wá kí aago méjì ọ̀la tó lù? Ti ọkọ tèmi ni. Òun fẹ́ràn ariwo.

Káfíńtà Òjé
Ọkùnrin ni mí, irú ọkọ Ìyá Táyọ̀ sì ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Ìfẹ́ kọ́ ló ń ni wá lára. Ohun tó ń ni wá lára ni pé gbogbo ojú ti dúró, wọ́n ń wò ọ́ pé kí lo máa ṣe, o ò sì ní nǹkan tí wàá ṣe. Àti-dáhùn ni wàhálà náà. Ìyàwó mi máa ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́ sí mi, á sì máa wò bóyá mo ti kà á. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti jẹ gbèsè. Mi ò lè kọ irú rẹ̀ padà, mo sì mọ̀ pé "ẹ ṣé" ò tó. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ yín ní gbèsè.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú
Ọ̀rọ̀ gidi ni Káfíńtà sọ yẹn. Ìyá Táyọ̀, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta ká lè ràn yín lọ́wọ́. Kí lẹ máa ń pè é nígbà tí kò bá sí ẹlòmíì nílé? Kí ló ṣe láìpẹ́ yìí tí kò sí ẹni tó rí i àfi ẹ̀yin? Níbo ló máa wà tí ọ̀rọ̀ náà bá dé ọwọ́ rẹ̀?

Ìyá Táyọ̀ (aago 9:31 alẹ́)
Àkànjí ni mo máa ń pè é. Ará Ọ̀yọ́ ni. Ó máa wà níbi iṣẹ́, wọ́n pọ̀ nínú yàrá kan. Ohun tó ṣe: ẹ̀rọ omi wa bàjẹ́ láti oṣù kìn-ín-ní, aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ń jí lójoojúmọ́ lọ pọn omi, á pọn dúrọ́ọ̀mù méjèèjì kún kó tó wẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò tíì dúpẹ́ dáadáa.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú
Ọ̀rọ̀ yín ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ má kọ "ìfẹ́ mi sí yín jìn ju òkun lọ", torí ẹnikẹ́ni lè kọ ìyẹn sí ẹnikẹ́ni. Omi inú dúrọ́ọ̀mù ni kí ẹ kọ. Nílé wa ní Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́, àwọn àgbà ń fi àrokò ránṣẹ́. Tí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Tí ìwọ náà bá gbà, wàá fi mẹ́jọ ránṣẹ́ padà, ẹ̀jọ, pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹni tó gbé e lọ́wọ́ lè má mọ̀ ju pé owó ẹyọ ni òun gbé. Bó ṣe yẹ kí tiyín rí nìyẹn: bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá yọjú wo fóònù, omi ló máa rí.

Mo gbìyànjú rẹ̀ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́. Àkànjí, mo bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù láàárọ̀ yìí, mo sì rántí ẹni tó pọn ọ́n. Láti oṣù kìn-ín-ní ni, ẹ ò sì fi ṣe ìròyìn lọ́jọ́ kan. Mo rí i. Ẹ má wulẹ̀ dáhùn. Ẹ̀fọ́ rírò wà nílẹ̀."

"Ẹ má wulẹ̀ dáhùn" yẹn ni kí ẹ má yọ kúrò, torí ohun tí Káfíńtà sọ.

Fúnmi Ekìtì
Ó dùn o. Ṣùgbọ́n ṣé ìyàwó máa ń pe oríkì ọkọ ni? Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ìyàwó kì í dárúkọ ọkọ.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú
Orúkọ ni kì í pè. Oríkì yàtọ̀. Ta ló ń ki ọkọ nínú agbo ilé bí kì í bá ṣe àwọn obìnrin ilé?

Fúnmi Ekìtì
Ìyá ọkọ tèmi ò ní gbà bẹ́ẹ̀ láéláé. Bàbá Táyọ̀ ni èmi máa kọ.

Ọmọ Agége
Gbogbo "ẹ, ẹ, ẹ" yìí ńkọ́? Ọkọ ẹni lẹ ń kọ̀wé sí àbí ọ̀gá ilé ìwé? Ẹ kọ "o". Ó súnmọ́ ọkàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá
Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nílé ni kí ó kọ. Tó bá jẹ́ "ẹ" ló ti ń wí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, tó wá di "o" lójijì lọ́jọ́ Falẹntáìnì, ọkùnrin náà á rò pé ìwé ẹlòmíì ló ṣìnà wá sọ́dọ̀ òun.

Atúnfóònùṣe
Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un látinú iṣẹ́ tèmi. Tí fóònù bá wà lórí tábìlì tí ọ̀rọ̀ bá wọlé lórí Wọ́sáàpù, ìlà àkọ́kọ́ máa ń hàn lójú fóònù láìṣí i. "Ẹ kú iṣẹ́" tí Olùkọ́ fi síwájú dáa nítorí ìyẹn. Ohùn ni èmi ìbá ní kí ẹ fi ránṣẹ́, torí ohùn ìyàwó dùn ju ìwé lọ.

Káfíńtà Òjé
Ohùn ńkọ́ nínú yàrá tí wọ́n ti pọ̀? Tó bá tẹ̀ ẹ́ láìgbé e sétí, gbogbo ọ́fíìsì á gbọ́ ọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi nínú mọ́tò Ìwó Róòdù. Èrò méjìlá ló gbọ́ "ọkọ mi àtàtà".

Atúnfóònùṣe
Òótọ́ ni. Ẹ kọ ọ́, mà.

Àlàájà Ìlọrin
Àwa kì í ṣe Falẹntáìnì nílé tiwa, ṣùgbọ́n mo ka gbogbo rẹ̀. Kí ló dé tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀la? Ẹni tó ti ń pọnmi láti oṣù kìn-ín-ní, ẹ lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ òní, kó tó sùn. Ṣé ó ti sùn ni?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá
Ìyá Táyọ̀, ẹ dáhùn o. Ẹ ṣáà má gba onífèrè.

Bísí Kéèkì
Kéèkì mi ńkọ́ o?

Ìyá Táyọ̀ (Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kejì, aago 7:12 àárọ̀)
Ẹ má bínú, iná lọ, fóònù mi kú. Mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Mo ń bẹ̀rù ìlà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ yẹn, mi ò sì lè kọ ọ̀rọ̀ tó gùn. Mi ò kọ Àkànjí náà, torí ó dà bíi pé ẹnu ni mo fi ń pè é, kì í ṣe bírò. Nígbà tó lọ pọnmi láàárọ̀ àná, mo jí tẹ̀lé e, mo gbé kẹ́ẹ̀gì kan. Ó ní kí n padà sùn, mo ní rárá. A ò sọ ohun kan ní gbogbo ọ̀nà. Lẹ́yìn náà mo ya ìwé pélébé, mo kọ "Mo rí omi yẹn. Ẹ ṣé." Mo fi sábẹ́ abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ nínú àpò.

Kò pè mí. Nígbà tó dé lálẹ́, kò sọ nǹkan kan nípa ìwé. Ó gbé abọ́ lọ sí ìdí ìfọwọ́, ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ọdún mẹ́wàá tí mo ti fẹ́ ẹ, kò fọ̀ ọ́ rí. Mo wá ìwé náà nínú àpò, mi ò rí i.

Fúnmi Ekìtì
Ṣé ó sọ ọ́ nù ni?

Káfíńtà Òjé
Kò sọ ọ́ nù.

Fúnmi Ekìtì
Báwo lẹ ṣe mọ̀?

Ìyá Táyọ̀
Mi ò bi í. Ẹni tó bá mọ atúnpọ́ǹpùṣe tó dáa ní agbègbè Àpáta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.