Bí a ṣe yọ fídíò ìpolówó mẹ́rin nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò oníbàárà kan

Ayafídíò, Abẹ́òkúta: Aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú gbé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ológójì ìṣẹ́jú lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n yọ fídíò kéékèèké mẹ́rin nínú rẹ̀. Oníbàárà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ jẹ́ olùkọ́ obìnrin. Kí n tó gé ohunkóhun, mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó ti sọ ọ́, mo sì fa ìlà sí gbogbo ibi tó ti sọ ohun tó mú un ṣiyèméjì kó tó ra aṣọ náà. Mẹ́rin ni mo rí: bóyá aró yóò máa jáde, bóyá owó rẹ̀ pọ̀ jù, bóyá ó ṣeé wọ lọ síbi iṣẹ́, àti bóyá ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni. Iyèméjì kan, fídíò kan. Ohùn obìnrin náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyókù tí mo kọ fún ẹni tí yóò ka ọ̀rọ̀ sí i kò ju ohun tí òun kò sọ lọ, bí iye owó àti ibi tí ìsọ̀ wà.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn: Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń gé e ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ayafídíò, Abẹ́òkúta: Ọ̀rọ̀ tí o ń kọ sísàlẹ̀ dára, àbúrò mi, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò ó láìṣí ohùn. Àmọ́ aago kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Bí fídíò bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Bẹ́ẹ̀ ni, mo tilẹ̀ mú àbúrò mi wá,” ta ló mọ ohun tó ń dáhùn? Mo máa ń bẹ oníbàárà, kí kámẹ́rà tó tàn, pé kó fi ìbéèrè náà sínú ìdáhùn rẹ̀.

Alásè, Èkó: Oníbàárà tèmi kò fẹ́ kí ojú òun hàn. Ṣé mo lè lo ohùn rẹ̀ nìkan?

Ayafídíò, Abẹ́òkúta: Ẹ lè lò ó, mà, bí ó bá gbà pé kí ẹ lo ohùn náà. Ẹ fi àwòrán oúnjẹ àti ọwọ́ tó ń bù ú bo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń bo ojú ibi tí mo ti gé ọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó fa àríyànjiyàn lọ́dọ̀ wa ni gbólóhùn kan ní ìṣẹ́jú kejìlá: “Aró rẹ̀ jáde nígbà tí mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò jáde mọ́.” Aláàdìrẹ náà fẹ́ kí n gé ìdajì àkọ́kọ́ dànù. Mo kọ̀, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ìdajì kejì nìkan yóò kó o pọ̀ mọ́ aṣọ funfun fọ̀.

Aláṣọ, Òṣogbo: N kò gbà. Ìpolówó kì í ṣe ìwé ìfọṣọ; ẹni tó bá wá rà á ni mo máa ń ṣàlàyé ìyẹn fún.

Ayafídíò, Abẹ́òkúta: Ẹni tí ẹ bá fi ọkọ̀ gbé e ránṣẹ́ sí ńkọ́?

Aláṣọ, Òṣogbo: Mo máa ń kọ ọ́ sórí ìwé tí mo ń fi sínú ọ̀rá.