Àbájáde: áàpù tí òṣìṣẹ́ ń fi sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì

“Mo ti gba ẹ̀tọ́ alábòójútó lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń fi áàpù tuntun sórí kọ̀ǹpútà?”

Ìbéèrè tí mo bi yín nípa Windows nìyẹn, mo sì ti rí ìdáhùn. Ẹni tó dáhùn pé gbígba ẹ̀tọ́ náà ti tó sọ òótọ́ dé ààyè kan, nítorí pé ó dáàbò bo fódà Program Files, ṣùgbọ́n fódà AppData ni àwọn áàpù yìí ń wọ̀ sí, níbi tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè kọ nǹkan sí. Ọ̀gá tó dárúkọ AppLocker, ohun èlò Windows tó ń pinnu áàpù tó lè ṣiṣẹ́, ló là mí lójú. Mo gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ láti inú Group Policy, síbẹ̀ kò ṣiṣẹ́, àfìgbà tí mo ṣètò Application Identity, iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Windows tí AppLocker nílò, kí ó máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní báyìí, ìṣẹ̀lẹ̀ nọ́ńbà 8004 ń hàn nínú àkọsílẹ̀ AppLocker nígbàkígbà tó bá dí áàpù kan.