Olùkọ́ mi ti dá ètò ìtọ́jú alátọ̀gbẹ mi padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ bá mi wò ó

Ọmọ Ọdún Kejì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Aláìsàn kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n kọ ètò ìtọ́jú fún ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin níbi tí mo wà n'Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sì ti dá a padà fún mi. Ọjọ́ Ẹtì la máa fi sílẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́ sórí ìwé fẹ̀ǹfẹ̀, pẹ̀lú rúlà àti bírò aláwọ̀ méjì, torí wọn kì í gba èyí tí a tẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n mú aláìsàn ibà ti parí tiwọn, wọ́n ti ń sùn. Olùkọ́ náà kò tilẹ̀ sọ ohun tó burú. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, bírò pupa ló fi kọ "Ìgbà wo?" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣòro kejì, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn nìyẹn?

Ìyá ẹni ọdún 61 ni aláìsàn mi, ṣúgà tó ga ló gbé e wọlé. Ohun tí mo kọ nìyí. Ìṣòro kìíní: ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ga nítorí àtọ̀gbẹ. Ìkejì: àníyàn nítorí pé ó wà ní ilé ìwòsàn; àmì rẹ̀ ni pé ó ń gbọ̀n, ó ń làágùn, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ìkẹta: kò mọ̀ tó nípa àìsàn rẹ̀. Àfojúsùn: kí ṣúgà wálẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ìgbéléwọ̀n: ọwọ́ tẹ àfojúsùn. Kí ló kù tí mi ò kọ?

Ẹ̀yìn Láíbìrì:
Ìṣòro kìíní ni wọ́n ń bá ọ wí fún. "Nítorí àtọ̀gbẹ" kò ṣeé kọ síbẹ̀. Orúkọ àìsàn tí dókítà kọ nìyẹn, kò sì sí ohun tí nọ́ọ̀sì lè ṣe tí àtọ̀gbẹ fi máa lọ. Ohun tí ọwọ́ rẹ lè tó ni kí o kọ sídìí "nítorí": oògùn tí kò lò déédéé, tàbí oúnjẹ tí kò bá oògùn mu. Lẹ́yìn náà, fi kún un pé kó má fẹnu kan ìrẹsì àti iṣu mọ́, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú nìkan. Ìkejì dáa ní tiẹ̀, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Wọ́ọ̀dù:
Ìkejì gan-an ni kò dáa. Ọmọ mi, o kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rúlà àti bírò, o kò kọ nọ́ńbà ṣúgà kan ṣoṣo. Kí ni ìwọ̀n rẹ̀, ní aago mélòó? Oògùn wo ni wọ́n ń fún un, wọ́n ń fún un nígbà wo, ìgbà wo ló sì ń jẹun? Gbígbọ̀n àti òógùn yẹn, aago mélòó ló máa ń bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ọdún Kejì:
Ẹ ṣé, mà. Mo fi ìwọ̀n sínú ṣáàtì. Aago mẹ́fà àárọ̀ jẹ́ 198, ọ̀sán jẹ́ 287, mg/dL ni ẹ̀rọ wa ń kà. Ṣebí ẹ rí i pé ó ga? Ínsúlíìnì alápòpọ̀ ni, 20 yúníìtì láàárọ̀, 10 nírọ̀lẹ́. Ní ti àníyàn, ó ń ṣàníyàn lóòótọ́. Gbogbo àárọ̀ ló ń béèrè ọmọ rẹ̀, tí òógùn á bo gbogbo iwájú orí rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo dì í lọ́wọ́ mú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

Ṣé Ẹ Gbọ́:
Ẹ jọ̀wọ́, bàbá mi náà ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé omi ewúro lè rọ́pò oògùn wọn?

Ìyá Wọ́ọ̀dù:
@Ṣé Ẹ Gbọ́, kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ má dá oògùn bàbá dúró. Ẹ bá dókítà wọn sọ ọ́, kí ẹ sì béèrè tiyín lọ́tọ̀ ká má da ọ̀rọ̀ ọmọ yìí rú.

Ọmọ Ọdún Kejì, o dá mi lóhùn apá kan. Aago mélòó ni wọ́n ń gún un, aago mélòó ló sì ń jẹun? Ṣé ẹnì kankan wọn ṣúgà rẹ̀ nígbà tó ń gbọ̀n?

Ọmọ Ọdún Kejì:
Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ń gún un, kí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru tó fa iṣẹ́ lé àwọn ti àárọ̀ lọ́wọ́. Mọ́níyà ni ọmọ rẹ̀ ti ń gbé oúnjẹ bọ̀, kì í dé ṣáájú aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ó ní oúnjẹ wọ́ọ̀dù kò ní iyọ̀, òun ò lè jẹ ẹ́.

Ẹnì kan wọ̀n ọ́n lánàá ní aago mẹ́sàn-án. Ìwé kékeré àpò mi ni mo kọ ọ́ sí, mi ò gbé e sórí ṣáàtì torí mo rò pé ẹ̀rọ náà ṣì í kà. 61 ni.

Ìyá Wọ́ọ̀dù:
Ẹ̀rọ kò ṣì í kà. Ohun tí olùkọ́ rẹ ń bi ọ́ nìyẹn. "Ìgbà wo?" túmọ̀ sí pé bí o bá kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbígbọ̀n àti òógùn, wàá rí i pé láàárín abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ ni wọ́n máa ń dé. Kì í ṣe àníyàn. Ṣúgà rẹ̀ ló ń já wálẹ̀, ara sì ń ké pe oúnjẹ.

Ínsúlíìnì alápòpọ̀ ní èyí tó ń tètè ṣiṣẹ́ nínú. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó jẹun la máa ń gún irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ nílé ìwòsàn wa. Ìyá yìí gba 20 yúníìtì, ó sì jókòó wákàtí mẹ́ta láìjẹun. Ibo ni ṣúgà ò ní gbà já? Kí ni wọ́n fún un nígbà tí ẹ̀rọ ka 61?

Ọmọ Ọdún Kejì:
Ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì fún un ní mọ́ọ̀tì, ó mu ún tán. Lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ̀ dé pẹ̀lú ẹ̀bà.

Ìyá Wọ́ọ̀dù:
287 ọ̀sán rẹ nìyẹn. Gíráàmù ṣúgà 15 ló tó fún ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì là tó sì lè gbé nǹkan mì; ṣíbí tíì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a pò mọ́ omi ti tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, a ó tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì tó 70, a ó tún un fún un. Bó bá ti gòkè, oúnjẹ gidi ló kù. Ìgò mọ́ọ̀tì kan ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n yẹn lọ, ẹ̀bà sì tún tẹ̀ lé e. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń pa dé, tí kò dáhùn mọ́, kò gbọ́dọ̀ sí ohun tó máa gba ẹnu wọlé. Ẹ pe dókítà kíákíá, inú iṣan ni omi ṣúgà dẹ́kísítírọ́ọ̀sì máa gbà.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù ni pé 61 kò sí lórí ṣáàtì. Dókítà tó bá rí 198 àti 287 nìkan máa fi kún ínsúlíìnì. Bó bá fi kún un, àárọ̀ ọ̀la á burú ju àná lọ.

Ẹ̀yìn Láíbìrì:
Mo gbà, mà, mi ò wo aago. Ṣé kó yáa kọ ọ́ báyìí: ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù, nítorí ínsúlíìnì láìsí oúnjẹ, àmì rẹ̀ ni 61, òógùn àti gbígbọ̀n?

Abẹ́rẹ́ Mẹ́fà Ààbọ̀:
Rárá o. Dókítà ló ń pàṣẹ ìtọ́jú ṣúgà tó já, tiwa ni ká ṣọ́ ọ ká sì tètè fura. "Ewu pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sókè sódò, nítorí pé àkókò abẹ́rẹ́ àti àkókò oúnjẹ kò bára mu" ni kó kọ. Èyí tó bá sì jẹ́ ewu, a kì í kọ àmì sí i, torí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni.

Ẹ̀yìn Láíbìrì:
Ó ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? 61 kì í ṣe ewu mọ́.

Abẹ́rẹ́ Mẹ́fà Ààbọ̀:
Ti àná ṣẹlẹ̀. Ti ọ̀la la ń kọ ètò fún.

Ìyá Wọ́ọ̀dù:
Mo ti rí olùkọ́ tó gba ti èkíní, mo sì ti rí èyí tó gba ti èkejì. Kó béèrè lọ́wọ́ tirẹ̀. Mo fara mọ́ "ewu", ṣùgbọ́n kí 61, aago mẹ́sàn-án, òógùn àti gbígbọ̀n wà lábẹ́ àyẹ̀wò láìyọ ọ̀kan.

Àfojúsùn rẹ, "kí ṣúgà wálẹ̀", léwu fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti já sí 61. Kọ ọ́ pé láàárín wákàtí 48, ìwọ̀n kankan kò ní lọ sábẹ́ 70, èyí tí a bá wọ̀n ṣáájú oúnjẹ á sì wà láàárín 100 sí 180, bí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí abẹ́rẹ́ má wọ ara kí oúnjẹ tó wà lórí tábìlì. Bí oúnjẹ kò bá tíì dé, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má sì dédé fo abẹ́rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ó fi omi fọ ọwọ́, kí ó nù ún gbẹ, kí ẹ tó gún ìka rẹ̀, torí mọ́ọ̀tì tó bá wà ní ìka máa jẹ́ kí ẹ̀rọ ka iye tó ga ju bó ṣe rí lọ. Má sì fi ìrẹsì àti iṣu dù ú, @Ẹ̀yìn Láíbìrì. Ìwọ̀n inú abọ́ àti àkókò rẹ̀ ni ká bójú tó. Ìyá tí a gba oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pátá tí a sì ń gún ní ínsúlíìnì, ọ̀nà 61 mìíràn ni.

Ìgbéléwọ̀n kì í ṣe "ọwọ́ tẹ àfojúsùn". Kọ gbogbo ìwọ̀n wákàtí 48 náà pẹ̀lú aago wọn, kí o sì sọ èyí tó jáde kúrò nínú ààlà àti ìdí tó fi jáde.

Ọmọ Ọdún Kejì:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ó ku nǹkan kan tí mi ò kọ, torí mo rò pé kò kan ìwé yìí. Láràárọ̀ kí ó tó fọ ẹnu, ó máa ń mú hóró oògùn kékeré kan nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó ní ti ṣúgà ni, pé ó pẹ́ tí òun ti ń rà á. Glibẹnkilamáìdì ló wà lára páálí rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun.

Ìyá Wọ́ọ̀dù:
Fi ìwé sílẹ̀. Pe Sísítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nísinsìnyí, kí ó sọ fún dókítà. Oògùn yẹn lè máa tì ṣúgà wálẹ̀ fún wákàtí 24, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lára àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa. Ó ń gba ínsúlíìnì lé e lórí. Ṣúgà tó já lọ́nà bẹ́ẹ̀ lè gòkè lẹ́yìn mọ́ọ̀tì, kó sì tún já lóru nígbà tí gbogbo wọ́ọ̀dù ti sùn.

Abẹ́rẹ́ Mẹ́fà Ààbọ̀:
Ẹ má fi agídí já a gbà o. Ẹ ṣàlàyé fún ìyá, kí ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sílé.

Ọmọ Ọdún Kejì:
Mo ti pè wọ́n. Ìyá ti kó páálí náà sílẹ̀ fún Sísítà. Wọ́n wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, 74 ni, kò sì gbọ̀n rárá. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ àti àkàrà. Dókítà ní kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì-méjì títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí wọ́n má gún ti àárọ̀ kí òun tó dé.

Ìyá Wọ́ọ̀dù:
Ó ṣeun. Èsì kíríátínínì rẹ̀, àyẹ̀wò kíndìnrín, ńkọ́?

Ọmọ Ọdún Kejì:
Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù lọ́jọ́ tó wọlé. Mo ti wo fáìlì rẹ̀ lọ́sàn-án, èsì kò tíì sí níbẹ̀.

Ìyá Wọ́ọ̀dù:
Bí o bá dé iṣẹ́ láàárọ̀, láàbù ni kí o kọ́kọ́ yà.