Orúkọ wo ló yẹ ìgbì tó gba ọ̀nà púpọ̀ dé?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà mi, mo ń túmọ̀ ìwé kan lórí rédíò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní orí kẹta, ìwé náà ní ọ̀tá ni bí ìgbì ṣe ń gba ọ̀nà púpọ̀ dé ọ̀dọ̀ áńtẹ́nà, tí agbára rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò. Ní orí keje, ó ní ohun kan náà yìí ni MIMO, ìyẹn fífi áńtẹ́nà púpọ̀ rán iṣẹ́ kí áńtẹ́nà púpọ̀ sì gbà á, fi ń jèrè. "Ìbàjẹ́ ìgbì" ni mo kọ ní orí kẹta, kò sì bá orí keje mu mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wo ló lè sin orí méjèèjì?

Olùkọ́ èdè: "Ìṣá" ni èmi yóò lò. Aṣọ tí oòrùn pa fún ìgbà pípẹ́ a máa ṣá, ìgbì tó rin ọ̀nà jíjìn náà kì í sì le mọ́ bí ó ti le nígbà tó kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí fóònù fi ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tì nígbà tí a bá jìnnà sí òpó. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni, kò sì nílò àlàyé.

Ẹlẹ́rọ: Ẹ ṣeun, sà. Àárẹ̀ ọ̀nà jíjìn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni orí kẹta ń sọ. Aṣọ tó bá ti ṣá kì í padà sí àwọ̀ rẹ̀, èyí sì lè padà kí a tó ṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí a wo ráútà tó ń lo gígahẹ́ẹ̀sì 2.4. Láti òkè ìgbì kan sí òkè tó tẹ̀ lé e jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5. Ká ní ìgbì kan wá tààrà sọ́dọ̀ fóònù, tí èkejì kọjá lára fóònù, tó lu ògiri ẹ̀yìn, tó sì padà wá, tí ọ̀nà tirẹ̀ sì fi sẹ̀ǹtímítà 6.25 gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. (Mo fi ti ìyípadà tí ògiri fúnra rẹ̀ lè fà sílẹ̀ ná.) Òkè ọ̀kan yóò bọ́ sórí kòtò èkejì. Bí gíga ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, tí ti ògiri jẹ́ 0.9, 0.1 ló ṣẹ́kù. Nítorí pé gíga ní ìlọ́po ara rẹ̀ ni a fi ń ṣírò agbára, agbára tó kù jẹ́ ìdá kan nínú 100. Ẹ wá sún fóònù mọ́ ògiri ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Ọ̀nà tààrà gùn sí i, ọ̀nà ògiri kúrú sí i, òkè sì bọ́ sórí òkè. Gíga di 1.9, agbára sì ju ìlọ́po 3.5 ti ìgbì tààrà nìkan lọ. A kò jìnnà sí ráútà kọjá bí ìbú ìka méjì. Nítorí náà, mo dábàá "ìparẹ́" fún kòtò náà, nítorí pé àwọn ìgbì ń pa ara wọn rẹ́ ni, àti "ségesège ìgbì" fún gbogbo ìṣesí náà lápapọ̀.

Olùgbọ́ rédíò: Ohun tó ń ṣe rédíò mi nìyí! Ní alẹ́, tí mo bá gbé e sí ìgbì kúkúrú, ohùn oníròyìn a ròkè, a sì rì, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Mo ti pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹ̀ríàlì tó gùn ni kí n rà?

Ẹlẹ́rọ: Ẹ fi bátìrì sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ríàlì gígùn yóò gbé òkè ga sí i, ṣùgbọ́n kòtò yóò ṣì wà níbẹ̀. Ojú ọ̀run lókè lọ́hùn-ún ló ń dá ìgbì náà padà sílẹ̀ ní ọ̀nà bíi mélòó kan, ojú ọ̀run náà kò sì dúró sójú kan, ni ohùn fi ń rì bí ẹ̀yin kò tilẹ̀ kúrò lórí àga. Ní ọdún 1931, àwọn ẹlẹ́rọ méjì, Beverage àti Peterson, kọ bí ilé-iṣẹ́ rédíò RCA ti Amẹ́ríkà ṣe ń yanjú rẹ̀ jáde: áńtẹ́nà mẹ́ta tí wọ́n fi nǹkan bíi mítà 300 jìnnà síra. Nígbà tí ohùn bá rì lára ọ̀kan, òmíràn ṣì ń gbọ́ ọ.

Olùkọ́ èdè: Èyí ni ìwé ń pè ní gbígbà onírúurú, àbí?

Ẹlẹ́rọ: "Onírúurú" ni mo bẹ̀rù jù, sà, nítorí pé irú kan náà ni áńtẹ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí wọ́n má jọ bọ́ sínú kòtò lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí ìgbì ti ń ti gbogbo ìhà wá, tí kò sí ọ̀kan tó borí àwọn yòókù, áńtẹ́nà kan a máa bá ara rẹ̀ nínú kòtò tó jìn tó ìdá kan nínú 100 agbára àárín ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 100. Bí kòtò méjì kò bá bá ara wọn tan, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 10,000 ni méjèèjì á jọ bọ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 péré sí àárín wọn lórí ráútà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ibi kan náà ni wọn yóò jọ ṣubú sí, owó áńtẹ́nà kejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣòfò. Ó yẹ kí ààyè náà tó sẹ̀ǹtímítà 6, ìdajì gígùn ìgbì.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀gbọ́n, ṣé a kò lè pè é ní "gbígbà alátìlẹ́yìn"? Nígbà tí ọ̀kan bá kùnà, èkejì a dìde.

Ẹlẹ́rọ: Ẹ̀rọ tó ń yan èyí tó le jù nìkan ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó dára jù kì í da ìkankan nù. Ó ń mú òkè ìgbì méjèèjì bá ara wọn, ó ń fún èyí tó le ní ìwọ̀n púpọ̀ àti èyí tó rẹ̀ ní ìwọ̀n díẹ̀, kó tó pa wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń bá ni rù ú kì í ṣe alátìlẹ́yìn. Mo fẹ́ "gbígbà àjọrù".

Olùkọ́ èdè: Àjọrù sọ pé wọ́n jọ ń rù ú. Kò sọ pé ẹsẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ìwọ fúnra rẹ lo ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Akẹ́kọ̀ọ́: Fún MIMO ńkọ́? Ìwé pè é ní ọ̀pọ̀-wọlé-ọ̀pọ̀-jáde. Mo rò pé wọ́n gbé e kọ òdì, nítorí ìgbì ń jáde lára áńtẹ́nà kó tó wọ fóònù.

Ẹlẹ́rọ: Wọn kò gbé e kọ òdì, àbúrò. Ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni a dúró sí: ohun tí a rán ló ń wọlé sínú afẹ́fẹ́, ohun tí a gbà ló ń jáde níbẹ̀. Ẹ wá wo bí èrè ṣe ń jáde. Áńtẹ́nà méjì rán nọ́ńbà 3 àti 5 lẹ́ẹ̀kan náà, lórí ìgbì kan náà. Olùgbà àkọ́kọ́ gbọ́ àpapọ̀ wọn, 8. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí 5 gbà dé ọ̀dọ̀ olùgbà kejì fi sẹ̀ǹtímítà 6.25 gùn, nítorí náà òkè rẹ̀ ti di kòtò, olùgbà kejì sì gbọ́ 3 dín 5, ìyẹn −2. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì, 3 jáde. Ẹ yọ −2 kúrò nínú 8, ẹ pín in sí méjì, 5 jáde. Sẹ̀ǹtímítà 6.25 tó pa ìgbì rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ló ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀ nísinsìnyí. Bí kò bá sí ògiri, tí ọ̀nà gbogbo sì dọ́gba, 8 ni àwọn méjèèjì ìbá gbọ́, a kò sì ní mọ̀ bóyá 3 àti 5 ni, tàbí 4 àti 4. Foschini, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú MIMO, gbé ètò tó kọ ní ọdún 1996 ka orí kí ìgbì fọ́n ká bẹ́ẹ̀.

Èrè náà ní ààlà. Ẹ̀rọ olùgbà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó yí òkè padà, ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ rán àmì tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀nà bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bí àpẹẹrẹ tí olùgbà kejì gbọ́ 3 àti ìdá 0.9 nínú 5, 7.5 ló gbọ́, ìyàtọ̀ sí 8 sì jẹ́ 0.5 péré. Bí ariwo bá sọ 0.5 náà di 0.6, a óò ka 5 sí 6.

Olùkọ́ èdè: Ó yé mi wàyí, mo sì gbé ìṣá jù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù wà nínú ségesège. A kì í fi yin nǹkan. "Àìdọ́gba ìgbì" ni kí a lò. Ní orí kẹta, agbára ni kò dọ́gba láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní orí keje, ọ̀nà ni kò dọ́gba, ìwọ náà sì sọ pé ibẹ̀ ni èrè wà.

Ẹlẹ́rọ: Ó wọ̀ mí lọ́kàn, sà. Ohun tó kù ni pé àìdọ́gba kò sọ pé nǹkan náà ń yí padà bí fóònù ṣe ń rìn, ségesège sì sọ ọ́.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Àìdọ́gba ni mo kọ sí orí méjèèjì lóru àná, ìparẹ́ sì dúró fún kòtò. Àkọlé orí karùn-ún, níbi tí áńtẹ́nà méjì ti ń gbà á, ni mo ṣì fi sílẹ̀ láìkọ.