Ọṣẹ olómi àbí ọṣẹ lúbúlúbú: mo fi ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ṣírò ẹ̀

Ìyá Ọ̀fadà

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ abọ́ ni mo bá wá lónìí o, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìrẹsì ọ̀fadà àti ayamáṣe ni mò ń tà n'Íbàdàn níbí, ẹni tó bá sì mọ ayamáṣe á mọ̀ pé epo ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Abọ́ tí à ń fọ̀ lójúmọ́ tó ogójì, ọṣẹ lúbúlúbú tí wọ́n fi ń fọṣọ la sì ń lò láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, torí mo gbà pé òun ló pọ́ọ́kú. Àfi ìgbà tí ọmọ tó ń bá mi fọ abọ́ na ọwọ́ sí mi lójọ́ kan, ìka ẹ̀ ti sán, awọ ń bó, ó ní bóun bá ti fọwọ́ kan ata báyìí ṣe ló máa ń ta òun bí iná. Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo lọ ra ọṣẹ olómi.

Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni mí, mo ní kí n kúkú ṣírò ẹ̀. Ọjọ́ méjìlá fún olómi, ọjọ́ méjìlá fún lúbúlúbú, báfù kan náà, abọ́ iye kan náà. Ìgò olómi oní líítà kan tí mo ra ní ₦1,500 gbé wa dé ọjọ́ kejìlá. Lúbúlúbú, sáṣẹ́ẹ̀tì ₦100 lójúmọ́, ₦1,200 nìyẹn. Mo ní ẹn-ẹ́n, ṣé ẹ rí i báyìí, mo ti fẹ́ padà sídìí lúbúlúbú mi kí n tó rántí omi. Omi kẹ́ẹ̀gì là ń rà ládùúgbò wa, ₦70 ni kẹ́ẹ̀gì kan. Tá a bá fi lúbúlúbú fọ abọ́, a ó ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, á ṣì máa yọ̀ lọ́wọ́, a ó tún ṣan án lẹ́ẹ̀kẹta, kẹ́ẹ̀gì kan gbáko ló ń bá a lọ lójúmọ́ ju ti olómi lọ. ₦70 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦840. Ọṣẹ ₦1,200 wá di ₦2,040 mọ́ mi lọ́wọ́.

Ti epo ńkọ́? Nínú báfù olómi, a máa ń fọ abọ́ bí ọgbọ̀n kí ìfófòó ẹ̀ tó kú, ti lúbúlúbú kì í tó ogún tí epo á fi máa léfòó lójú omi. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, tí ìdí ìkòkò bá jó, lúbúlúbú tí a bá rẹ sí i ló ń ṣí i. Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé mo rẹ ìkòkò alumíníọ̀mù mi mọ́jú, ilẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ dúdú bíi pé wọ́n kùn ún. Kí ló ṣe é o?

Bọ́dà Àpọ́n

Ìyá wa ẹ kú iṣẹ́ ma. Èmi kàǹga ló wà lẹ́yìnkùlé mi, mi ò san kọ́bọ̀ lórí omi, abọ́ méjì ṣíbí kan ni mo ní láyé mi, sáṣẹ́ẹ̀tì ₦100 yẹn ó lè gbé mi tó ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa bá lúbúlúbú mi lọ jàre. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń yọ mí lẹ́nu, kọ́ọ̀pù onígíláàsì mi, tó bá ti gbẹ, nǹkan funfun á hàn lára ẹ̀ bí ẹfun.

Ará Mánísẹ́sítà

Ẹ má gbìyànjú olómi o!!! Lúbúlúbú ló dáa jù. Ọṣẹ lúbúlúbú tán nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kí ló kàn mí, mo da olómi sínú máṣíìnì tó ń fọ abọ́, kí n tó jókòó ìfófòó ti ń gba ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀ jáde, gbogbo ilẹ̀ kíṣíìnì kún, aago méjìlá òru ni mo fi ń nulẹ̀.

Ìyá Ọ̀fadà

Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ la fi ń fọ tiwa o 😂 ẹ pẹ̀lẹ́.

Àǹtí Ọsàn Wẹ́wẹ́

Ìyá Ọ̀fadà, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sínú báfù lúbúlúbú yẹn, kò ní gbẹ ọwọ́ mọ́, èmi ti ń ṣe é ó tó ọdún mẹ́ta. Ẹ ó rí i tí á máa hó ṣùúùù, ìdọ̀tí ló ń pa yẹn.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ṣàgámù

Ẹ kú àárọ̀ o. Ọṣẹ olómi ni mò ń pò tà, ẹ jẹ́ kí n mú un níkọ̀ọ̀kan.

Àǹtí, ẹ gba apá kan, apá kejì ni ẹ ò gbà. Híhó yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń kú, sódà tó wà nínú lúbúlúbú àti omi ọsàn ló ń pa ara wọn. Sódà ọ̀hún ló ń gé epo abọ́, òun náà ló ń gé epo ara awọ wa tọ́wọ́ fi ń gbẹ, bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, ẹni tó bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ á mọ̀ ọ́n lára. Tẹ́ ẹ bá fún ọsàn sí i, ọwọ́ á tura díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti pa lára agbára ọṣẹ tẹ́ ẹ fowó rà. Ọwọ́ ọmọ yẹn tó ti sán, tí omi ọsàn bá kàn án, ẹ ó gbọ́ igbe.

Ìkòkò yẹn, sódà náà ló kùn ún dúdú, alumíníọ̀mù ò fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ọsàn wẹ́wẹ́ ti wúlò: ẹ bu omi kún ìkòkò kọjá ibi tó dúdú, ẹ gé ọsàn mẹ́rin sí i, ẹ jẹ́ kó hó bí ogún ìṣẹ́jú, á mọ́. Ẹ má rẹ ẹ́ mọ́jú mọ́, wákàtí kan ti pọ̀ jù. Kọ́ọ̀pù Bọ́dà Àpọ́n, omi kàǹga míì ní ẹfun nínú, sódà ló ń mú un jáde tó fi ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé olómi ni gbogbo ẹ̀ dáa o. Sọfónìkì tí a fi ń ṣe é, ásíìdì ni, kọ́sítíìkì la fi ń pa á. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n dáadáa, yálà ásíìdì ṣẹ́kù ni o àbí kọ́sítíìkì ló pọ̀ jù, ọwọ́ á jó ju ti lúbúlúbú lọ. Èmi kì í gbé tèmi jáde láì ti pépà tí wọ́n fi ń dán ásíìdì àti kọ́sítíìkì wò bọ̀ ọ́, tí nọ́ńbà tó bá fi hàn kò bá ti sí láàárín mẹ́fà sí mẹ́jọ, mi ò tà á. Ẹ má sì jẹ́ kí kíki tàn yín jẹ, nitirósọ́ọ̀lù ló ń mú un ki, kì í gé epo kankan. Mo mọ ẹni tó ń fi omi lá a tó tún fi nitirósọ́ọ̀lù mú un ki padà.

Bọ́dà Àpọ́n

Ha! Èyí tó ń fà bí ilá yẹn ni mo máa ń yìn.

Ìyá Ọ̀fadà

Ẹ ṣé gan-an ìyá wa. Ṣé ẹ wá rí i, lásìkò ọyẹ́ epo pupa máa ń dì mọ́ abọ́ bí àbẹ́là, tí mo bá da olómi sí i kì í fẹ́ lọ.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ṣàgámù

Kì í ṣe ọṣẹ ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, epo ló dì. Ẹ fi takàdá nu abọ́ kí ẹ tó tì í bọ omi, kí omi sì lọ́wọ́ọ́wọ́ tọ́wọ́ á gbà á, epo á yọ́, ọṣẹ á wá rí i mú. Omi tó gbóná jù náà á tún gbẹ ọwọ́ o. Kí ọmọ yẹn fi òrí para kó tó sùn.

Àǹtí Ọsàn Wẹ́wẹ́

Èmi ṣì máa fún ọsàn mi o, ọwọ́ mi ò sán rí.

Ìyá Ọ̀fadà

Mo ti se ìkòkò yẹn, ó mọ́! Ó ku ìdí ẹ̀ lápá kan. Ó ku kúlà onírọ́bà tí epo ti pa láró, ọṣẹ méjèèjì ò ràn án. Wọ́n ní kí n sá a sóòrùn, mo ti gbé e sórí páànù láti àárọ̀, òjò ló tún ń ṣú yìí.